Bí Owó Iṣẹ́ Ṣe Ń Ti Òkè Òkun Dé Àkáǹtì Wa, àti Ohun Tó Ń Dín In Kù Lójú Ọ̀nà

Àwọn tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n dáhùn ìbéèrè kan tí àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń bi mí lẹ́yìn ìpàdé. Wọ́n ní báwo ni ẹni tó jókòó sí Sabongari níbí ní Kánò ṣe lè gba owó iṣẹ́ tó ṣe fún oníbàárà ní Amẹ́ríkà tàbí Lọ́ńdọ̀nù, kí èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà sì dé ọwọ́ rẹ̀? Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni èmi ń ṣe. Mo ń túmọ̀ ìwé láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá àti Haúsá fún àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń fi owó iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó ń ya àwòrán, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó fún wọn. Kò kan owó tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ sí àbúrò láti fi ṣe ọdún. Ìyẹn ní ọ̀nà tirẹ̀, n ó sì mẹ́nu bà á díẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan wà tí ẹ ó gbọ́ níbi gbogbo: "Lọ ṣí àkáǹtì dọ́mù, má sì gba náírà lọ́wọ́ wọn láéláé." Àkáǹtì dọ́mù ni èyí tí báǹkì wa níbí fi ń tọ́jú owó òkèèrè ní dọ́là, ní pọ́n-ùn tàbí ní yúrò, láìsọ ọ́ di náírà. Ìmọ̀ràn náà ní ìdí pàtàkì nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Kí ó tó di àárín oṣù kẹfà ọdún 2023, iye méjì ni dọ́là kan ní ní ilẹ̀ yìí. Ní ọ̀dọ̀ ìjọba, náírà 471 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ ní Wápà, ó ti lé ní 700. Ẹni tí wọ́n bá san owó iṣẹ́ fún ní náírà ní iye ti ìjọba, ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀ ti lọ kí ó tó rí i, kò sì sí ìwé kankan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun ti pa gbogbo ojú ọ̀nà pàṣípààrọ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, kí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà jọ máa dá iye lé e. Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n tún mú òté kúrò lórí iye tí àwọn iléeṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ohun tí èyí ṣe sí owó oúnjẹ wa, kálukú mọ̀ ọ́n nínú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ṣe ohun mìíràn: àlàfo ńlá tó wà láàárín iye báǹkì àti iye ìta di tẹ́ẹ́rẹ́. Kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo ló di tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì láwọn ìgbà tó tún ń fẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣì ń fi ìmọ̀ràn ti ọdún 2022 gba owó lónìí lè máa sá fún àdánù tí kò sí níbẹ̀ mọ́, kí ó sì máa kó sínú òmíràn tí kò kíyè sí.

Ìbéèrè tó yẹ ká máa béèrè nísinsìnyí ni pé: nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan tó kúrò lọ́wọ́ oníbàárà, náírà mélòó ló dé ọwọ́ mi, ọjọ́ mélòó ló sì gbà? Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rọrùn. Ẹ mú iye náírà tó wọlé níkẹyìn, kí ẹ sì fi iye dọ́là tó kúrò lọ́wọ́ oníbàárà pín in. Iye tó bá jáde ni iye pàṣípààrọ̀ tòótọ́ tí ẹ rí gbà, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sójú ìwé. Iléeṣẹ́ tó bá ń pariwo pé òun kò gba kọ́bọ̀ kan fún iṣẹ́ òun lè ti fi náírà 30 tàbí 40 pamọ́ sínú iye pàṣípààrọ̀ lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan. Báǹkì tó sì yọ 20 dọ́là lójúkojú lè jẹ́ èyí tó sàn jù. A kò lè mọ̀ àfi tí a bá pín in.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí owó ṣe ń rìn wá sínú àkáǹtì dọ́mù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa kì í ti lóye ohun tó ṣẹlẹ̀. Báǹkì oníbàárà ní Ṣìkágò kò mọ báǹkì wa ní Kánò rí. Nítorí náà owó náà gba ọ̀dọ̀ báǹkì ńlá kan kọjá ní Amẹ́ríkà, èyí tí báǹkì wa ní àkáǹtì dọ́là lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní báǹkì alágbàtà. Nígbà mìíràn alágbàtà náà lè di méjì. Ètò SWIFT ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán síra wọn ni ètò náà ń gbé, owó fúnra rẹ̀ ń kúrò nínú àkáǹtì kan bọ́ sí òmíràn nínú ìwé àwọn báǹkì náà. Alágbàtà kì í ṣiṣẹ́ lásán. Ó lè yọ 15, 20 tàbí 25 dọ́là nínú owó náà kí ó tó tì í síwájú. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè retí 1,000 dọ́là kí ẹ sì rí 980, tí oníbàárà á sì máa búra pé òun kò dín in kù. Òtítọ́ ló ń sọ.

Ẹni tí yóò san owó alágbàtà wà lọ́wọ́ oníbàárà láti yàn nígbà tó bá ń fi owó ránṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò fún un: OUR, pé ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ni yóò san gbogbo rẹ̀, SHA, pé kálukú yóò san ti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, àti BEN, pé ẹni tó ń gba owó ni yóò ru gbogbo ẹrù náà. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025 tí àwọn báǹkì ti parí ìṣípòpadà sí irú ìwé tuntun, DEBT, SHAR àti CRED ni ẹ ó máa rí dípò wọn. Ìtumọ̀ kan náà ni. Ẹ bẹ oníbàárà yín kí ó yan OUR tàbí DEBT, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi ọkàn lé e pátápátá, nítorí pé nínú owó dọ́là, alágbàtà ní Amẹ́ríkà ṣì lè yọ tirẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn iléeṣẹ́ bíi Payoneer, tí wọ́n ń fún ènìyàn ní nọ́ńbà àkáǹtì kan ní Amẹ́ríkà, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Yúróòpù. N ó máa pè é ní àkáǹtì àyálò. Oníbàárà ní Ṣìkágò yóò san owó náà bí ẹni tó ń sanwó fún ará ìlú rẹ̀, nípa ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní ACH, èyí kan náà tí wọ́n fi ń san owó oṣù fún òṣìṣẹ́ wọn. Ó máa ń gbà tó ọjọ́ iṣẹ́ kan sí mẹ́ta, kì í sì í ná oníbàárà ní nǹkan kan tó ṣe gúnmọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fa owó náà wá sí àkáǹtì náírà yín níhìn-ín, níbẹ̀ ni iléeṣẹ́ náà yóò ti jẹ èrè tirẹ̀: díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, àti díẹ̀ nínú iye pàṣípààrọ̀. Ẹ rántí pé irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe báǹkì. Mi ò gbà pé ó yẹ kí ènìyàn sọ ọ́ di àpótí ìfowópamọ́.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn iléeṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ bíi Western Union. Ó yára, iye wọn kì í sì í burú nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n owó ẹbí sí ẹbí ni wọ́n dìídì dá èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún. Iléeṣẹ́ tó létò ní òkè òkun kò ní fẹ́ gbà á san owó iṣẹ́, wọ́n sì lè dá owó dúró nígbà tí wọ́n bá rí i pé ti òwò ni. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń rántí wa.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò. Àpẹẹrẹ ni iye tí n ó lò yìí. Kí ẹ fi iye ọjọ́ tí ẹ bá wà níbẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ká ní dọ́là kan jẹ́ náírà 1,400 ní ojú ìwé Báǹkì Àpapọ̀. Ká ní báǹkì wa yóò ra dọ́là tó wà nínú dọ́mù lọ́wọ́ wa ní 1,385, ká sì ní àkáǹtì àyálò gba dọ́là kan nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì ṣe pàṣípààrọ̀ ní 1,365.

Iṣẹ́ 1,000 dọ́là ni mo ṣe. Bí ó bá gba SWIFT wá, alágbàtà yọ 20, ó ku 980. Nígbà tí mo tà á fún báǹkì, mo rí náírà 1,357,300. Tí mo bá pín in, náírà 1,357 ni dọ́là kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gba àkáǹtì àyálò, 990 dọ́là ló ṣẹ́kù, ó sì di náírà 1,351,350, ìyẹn 1,351 lórí dọ́là kan. Ìyàtọ̀ wọn kò tó náírà 6,000. Lórí iye owó yìí, èyí tó bá yá ni kí ènìyàn gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá kéré. Ká ní 200 dọ́là péré ni. Alágbàtà ṣì yọ 20 rẹ̀, kò wo bí owó ṣe kéré tó. 180 dọ́là ló wọlé, ó sì di náírà 249,300, ìyẹn 1,246 lórí dọ́là kan. Àkáǹtì àyálò yóò mú 270,270 wá. Ẹni tó bá ń gba 200 dọ́là lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ sínú dọ́mù ń ju nǹkan bíi náírà 21,000 nù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó ń rò pé òun ń dáàbò bo owó òun. Bí iṣẹ́ bá wá tó 5,000 dọ́là, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Dọ́mù mú náírà 6,897,300 wá, àkáǹtì àyálò mú 6,756,750. Dọ́mù fi ohun tó lé ní 140,000 ṣáájú.

Ìdí rẹ̀ kò le. Owó alágbàtà dúró sójú kan, nígbà tí èrè àkáǹtì àyálò ń dàgbà pẹ̀lú owó. Ibì kan wà tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Pẹ̀lú iye tí mo lò yìí, nǹkan bíi 820 dọ́là ni: tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àkáǹtì àyálò, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, dọ́mù. Ṣùgbọ́n báǹkì oníbàárà fúnra rẹ̀ tún máa ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fi SWIFT ránṣẹ́. Bí oníbàárà bá sọ pé 40 dọ́là tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun, òun yóò yọ ọ́ nínú owó yín, ibi ìpàdé náà yóò sún lọ sí nǹkan bíi 2,470 dọ́là. Nítorí náà, ẹ bá oníbàárà sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí owó bá ń bọ̀. Iléeṣẹ́ kan tó ń fún mi ní iṣẹ́ kéékèèké gbà láti kó ti oṣù kan jọ, kí wọ́n máa san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì ná wọn ní ohunkóhun.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìdádúró. SWIFT tí kò ní wàhálà lè wọlé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan sí márùn-ún. Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀, bí ọjọ́ Ajé náà bá sì jẹ́ ìsinmi lọ́dọ̀ wọn tàbí lọ́dọ̀ wa, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èyí kì í ṣe ìdádúró tó yẹ kó dẹ́rù bà yín. Èyí tó yẹ kí ẹ dìde sí ni èyí tó bá kọjá ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún láìsí ìròyìn.

Nígbà náà, lílọ jókòó sí báǹkì níbí kò wúlò tí ẹ kò bá ní ìwé lọ́wọ́. Ìdáhùn tí ẹ ó gbà ni pé "kò tíì wọlé," òtítọ́ sì ni. Ẹ ní kí oníbàárà gba ẹ̀dà ìwé ìfowóránṣẹ́ náà lọ́dọ̀ báǹkì rẹ̀. MT103 ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ báǹkì mọ̀ ọ́n sí; pacs.008 ni orúkọ ti tuntun. Nínú rẹ̀ ni nọ́ńbà gígùn kan tí wọ́n ń pè ní UETR wà, ó ní àmì 36 pẹ̀lú àwọn ìlà kékeré àárín rẹ̀. Pẹ̀lú nọ́ńbà yìí, báǹkì tó fi owó ránṣẹ́ lè rí ibi tí owó dúró sí lójú ẹsẹ̀, àti iye tí wọ́n ti yọ nínú rẹ̀. Ní ìgbà kan, owó mi kan sùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mejì ni báǹkì mi ní kí n lọ fara balẹ̀. Nígbà tí a rí UETR, ó hàn pé alágbàtà ló ti béèrè ohun tí owó náà wà fún, nítorí pé oníbàárà kò kọ ju "payment" lọ sí àyè ìdí ìsanwó. Mo fi ìwé owó iṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà, ó tì í sí báǹkì rẹ̀, owó sì wọlé ní ọjọ́ kejì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí oníbàárà yóò fi síbẹ̀ fún un, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé owó iṣẹ́ mi.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí orílẹ̀-èdè wa láàárín oṣù kejì ọdún 2023 sí oṣù kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí orúkọ Nàìjíríà wà nínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tí àjọ FATF, tó ń gbógun ti fífọ owó àìmọ́, ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Wọ́n ti yọ wá kúrò nínú rẹ̀. Síbẹ̀, báǹkì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rù tirẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìwé àdéhùn àti ìwé owó iṣẹ́ yín síbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló tún ń fa ìdádúró, ó sì kan àwọn ìyàwó ilé wa jù. Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ yìí ṣe iṣẹ́ 600 dọ́là. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lórí dọ́mù, orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé owó iṣẹ́, òun náà sì ni oníbàárà kọ sí ìwé ìfowóránṣẹ́. Báǹkì rí i pé àwọn méjèèjì kò bára mu, wọ́n dá owó padà. Ó gbà tó ọjọ́ méjìlá kí ó tó padà dé ọwọ́ oníbàárà, ó sì ti di 555, nítorí pé alọ àti àbọ̀ ni àwọn alágbàtà ti jẹ. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì gan-an ni kí ó wà lórí ìwé owó iṣẹ́. Ẹni tó bá ń fi orúkọ òwò ṣiṣẹ́, kí ó ṣí àkáǹtì lórúkọ òwò náà.

Àwọn nọ́ńbà náà ní tiwọn. Fọ́ọ̀mù àwọn ará Yúróòpù máa ń béèrè IBAN. Àwa kò lò ó ní Nàìjíríà. NUBAN olóókan mẹ́wàá ni tiwa, òun ni kí oníbàárà kọ síbẹ̀, pẹ̀lú SWIFT báǹkì yín, tó máa ń ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 8 tàbí 11. Dọ́mù ti dọ́là, ti pọ́n-ùn àti ti yúrò ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí pọ́n-ùn bá bọ́ sínú nọ́ńbà ti dọ́là, wọ́n lè ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó wọlé, ẹ ó sì tún san ti náírà lẹ́yìn rẹ̀. Bí báǹkì oníbàárà bá sì bi í bóyá kí àwọn ti ọ̀hún sọ ọ́ di náírà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, kí ó sọ pé rárá. Gbogbo báǹkì wa ló ní ìwé kan tó ní orúkọ alágbàtà wọn fún owó kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì so ó mọ́ ìwé owó iṣẹ́ yín bó ṣe wà, láìtún un kọ.

Ní ti èmi, ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan ni mo ń lò. Ọjọ́ tí oníbàárà sanwó, iye dọ́là tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà tó gbà, ọjọ́ tí náírà wọlé àti iye rẹ̀ ni mo ń kọ sí ìlà kan ṣoṣo, mo sì ń pín in sí ìparí ìlà náà. Mo mú un wá sí gbọ̀ngàn lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ wo bí mo ṣe fà á, kí ó wá bá mi nídìí tábìlì àwọn akọ̀wé lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì mú ìwé owó tó gbà kẹ́yìn lọ́wọ́, ká jọ pín in.